Ọ̀fun Dídùn Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹnu Là

Ọ̀fun dídùn kì í ṣe ohun tuntun létí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku pọ̀ níta, tàbí tí òtútù mú ènìyàn, ọ̀fun lè máa ta wá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. A ó fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọ̀fun, àwọn kan yóò jẹ orógbó, àwọn mìíràn yóò wá ataare, bó bá sì yá, ọ̀fun náà yóò san. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn, kò sì sí oògùn agbógunti-bakitéríà tí ó ń ran irú rẹ̀. Ìsinmi, omi mímu àti oògùn ìrora lásán ti tó fún un.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀fun dídùn kan wà tí kì í lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Àmì mẹ́ta la fi ń dá a mọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí itọ́ máa dà lẹ́nu àgbàlagbà nítorí pé kò lè gbé e mì. Èkejì ni kí ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ẹ̀là iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti là dáadáa. Bí ọ̀fun dídùn bá kó àwọn wọ̀nyí mọ́ra, tí ìrora náà sì mú ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, ó ṣeé ṣe gan-an pé oówo ti dìde lẹ́yìn ẹran ọ̀fun, tí ọyún sì ń kó jọ sínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn lonítọ̀hún ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la.

Bí ẹ bá dúró níwájú dígí, tí ẹ la ẹnu, tí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ó rí ẹran kékeré kan tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín ọ̀fun. Bẹ́lúbẹ́lú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ń lo orúkọ yìí kan náà fún gbogbo ohun tí ó bá wú lọ́fun. Lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ni ẹran méjì wà tí wọ́n rí róbótó. Àwọn ni à ń pè ní tọ́ńsílì. Lẹ́yìn tọ́ńsílì kọ̀ọ̀kan, láàárín òun àti iṣan tí ó ṣe ògiri ọ̀fun, àyè tóóró kan wà. Nígbà tí kòkòrò bakitéríà bá ti ba tọ́ńsílì jà, ó lè gba ibẹ̀ kọjá sínú àyè yìí. Ó sì lè jẹ́ àwọn kóòkó kéékèèké tí ń pèsè itọ́ lókè tọ́ńsílì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ yóò kàn wú, yóò sì le. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọyún yóò bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ, oówo á sì gbó. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tí wọ́n di àgbà ni ó máa ń mú jù, àwọn tí ń mu sìgá sì wà nínú àwọn tí ó súnmọ́.

Ó dára kí a mọ ìdí tí àmì mẹ́ta náà fi ń yọ, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìdí wọn kò ní tètè ṣì wọ́n mú.

Itọ́ ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹnu ènìyàn ń pèsè itọ́ tí ó tó lítà kan lóòjọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í mọ̀, nítorí pé a ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀ láìronú sí i. Nígbà tí oówo bá wà lẹ́yìn tọ́ńsílì, gbogbo gbígbémì ń fún ibi tí ó wú náà mọ́ra, ìrora rẹ̀ sì ń ta dé inú etí. Kò pẹ́ tí ara fúnra rẹ̀ yóò fi kọ̀ láti gbé nǹkan mì mọ́. Itọ́ kò wá ní ọ̀nà mìíràn ju ẹnu lọ. Ìdí nìyí tí aláìsàn náà fi máa ń di aṣọ tàbí ife mú lọ́wọ́, tí yóò máa tutọ́ sínú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ọ̀fun lásán ń dùn yóò rojú, ṣùgbọ́n yóò gbé itọ́ rẹ̀ mì.

Ti ohùn yàtọ̀ sí ohùn tí ó há, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Ohùn tí ó há, irú èyí tí ó máa ń mú ẹni tí ó pariwo níbi eré bọ́ọ̀lù mọ́jú, inú àpótí ohùn nísàlẹ̀ ọrùn ló ti wá. Ohùn ẹni tí ó ní oówo ọ̀fun kò há. Ó dún dáadáa láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹnu, kò rí àyè gbà. Àjà ẹnu tí ó rọ̀ lẹ́yìn ti wú, ó ti le, kò lè gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ahọ́n pẹ̀lú ń yẹra fún ibi tí ń dunni. Ọ̀rọ̀ á wá máa jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìrọ̀rí. Lédè wa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà, ẹ lè gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí ẹ má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹnu tí kò là ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Lẹ́bàá ògiri ọ̀fun níbi tí oówo wà ni ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí a fi ń jẹun wà. Bí wíwú náà bá kan iṣan yìí, iṣan á fà, á sì le, kò ní jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀. Tọ́ńsílì tí ó kàn wú lásán, bó ti wù kó pupa tó, kì í sábà dí ẹnu pa. Ọ̀nà kan tí ó rọrùn wà láti wò ó. Kí aláìsàn to ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta pọ̀, kí ó dá wọn dúró ní òòró, kí ó sì gbìyànjú láti kì wọ́n sáàárín eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ níwájú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ìka mẹ́ta ń wọ̀ lẹ́nu wọn. Bí ó bá jẹ́ ìka kan tàbí méjì péré ló wọ̀, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun kan ti dé ọ̀dọ̀ iṣan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22 kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí bí nǹkan ṣe ń tẹ̀léra. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ara rẹ̀ sì gbóná. Lọ́jọ́ kejì ó ra amọsisílìnì ní kẹ́míìsì àdúgbò, ó lò ó fún ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó sì pa ìyókù tì sínú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìrora náà padà dé, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lápá ọ̀tún, ó kó gbogbo ara rẹ̀ sápá òsì, etí òsì sì ń ta á. Kò sí nǹkan tí ó ṣe etí náà o. Iṣan ìmọ̀lára tí ó ń sin ọ̀fun ló ń sin etí pẹ̀lú. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò tíì lè mu ju omi ẹnu ṣíbí lọ láti ọjọ́ kejì, orí rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì, ó sì mú ife ìtutọ́ dání.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mú un padà sí kẹ́míìsì. Apoògùn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà béèrè ohun tí ó ṣe é, ọmọkùnrin náà fèsì, ìyá náà kò sì gbọ́ ohun tí ó sọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá wa fún un ní abẹ́rẹ́ tí ó lágbára," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ mú sùúrù, ìyá mi. Àbúrò, la ẹnu rẹ kí n wò ó." Ẹnu náà là ìwọ̀n ìka kan àbọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Apoògùn pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Èyí ti kọjá tiwa níbí. Ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan lọ́nà. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ní dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ gbà lọ tààrà."

Mo fẹ́ràn apoògùn yìí, nítorí pé ó lè ta abẹ́rẹ́ kí ó sì gba owó rẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé abẹ́rẹ́ nìkan kò ní lè ṣe iṣẹ́ náà. Oògùn ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í wọ àárín ọyún. Ògiri ti yí oówo ká, àwọn kòkòrò sì fara pamọ́ sínú rẹ̀ níbi tí oògùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé dókítà lè fi oògùn nìkan wo èyí tí ó bá kéré, tí aláìsàn sì ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n yóò máa wò ó lójú méjèèjì, bí kò bá sì rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, yóò yí ọwọ́ padà.

Ní ilé ìwòsàn, irú èyí tí ó wà ní UCH Ìbàdàn, LUTH Èkó tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Ilé-Ifẹ̀, èémí ni dókítà kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ó ń mí láìsí ariwo? Ṣé ó lè jókòó jẹ́ẹ́? Lẹ́yìn èyí ni yóò wo ọ̀fun. Ohun tí ó rí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ṣòro láti kà: àjà ẹnu lápá òsì ti yọ gọ̀ǹgọ̀, ó ti tọ́ńsílì wá síwájú, ó sì ti bẹ́lúbẹ́lú lọ sápá ọ̀tún. Bẹ́lúbẹ́lú tí ó kúrò láàárín tí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú àwọn àmì mẹ́ta tí a ti sọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí iyèméjì bá wà, ẹ̀rọ ìyàwòrán inú ara yóò fi hàn bóyá ọyún ti wà níbẹ̀, tàbí ibẹ̀ kàn wú ni.

Wọ́n jókòó rẹ̀, wọ́n fún un ní omi láti inú iṣan nítorí pé ara rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora. Dókítà fọ́n oògùn amúbikú sí ibẹ̀, ó tún fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún un níwọ̀nba sí awọ ibi tí ó yọ náà. Ó wá mú abẹ́rẹ́ tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gé orí ìdérí rẹ̀, ó sì dá ìdérí náà padà sára abẹ́rẹ́, kí ó má baà ju sẹ̀ǹtímítà kan péré lọ tí ó yọ síta. Ó gún un láti òkè ibi tí ó yọ jù lọ, ó sì fà á. Mílílítà márùn-ún ọyún ni ó jáde, ìyẹn ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan, òórùn rẹ̀ sì kún yàrá náà.

Ìdérí abẹ́rẹ́ tí a gé yẹn kì í ṣe àṣejù. Lẹ́yìn ọ̀fun, níta ògiri yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ ń kọjá, kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì àbọ̀ lọ sí tọ́ńsílì. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ fi abẹ́, abẹ́rẹ́ tàbí èékánná tú irú oówo yìí nílé. Bí ó bá tilẹ̀ bẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn sùn, ọyún náà lè dà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé itọ́ rẹ̀ mì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí: ìrora tí oògùn ọjọ́ méjì kò ràn á, ọyún ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan ló so ó mọ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní pẹnisílìnì àti mẹtironidásólì nínú iṣan, pẹ̀lú ìwọ̀n kan ṣoṣo oògùn tí ń fa wíwú sílẹ̀. Nígbà tí ó lè mu omi, wọ́n yí i sí oògùn oníhóró, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni yóò sì lò ó, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé ara yá. Ó ní láti padà wá lọ́jọ́ kejì kí wọ́n wò ó, nítorí ọyún lè tún kó jọ lára àwọn kan, a ó sì tún fà á. Ìgbà mìíràn abẹ́rẹ́ kì í tó, dókítà á fi abẹ ṣí ojú kékeré sí i kí ọyún lè máa jáde.

Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, kì í dúró síbi kan. Ọyún lè wọ inú àwọn àyè jíjìn nínú ọrùn, kí ó sì bá ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú àyà. Wíwú náà lè dí ọ̀nà èémí. Bakitéríà kan tún wà tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ńlá ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí àwọn ìdì náà máa já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Àńdírè Lẹ̀míẹ̀, ṣàpèjúwe rẹ̀ kúnnákúnná lọ́dún 1936, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é di òní. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ ló máa ń mú. Bí ọrùn bá wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, tí òtútù sì ń gbọ̀n ènìyàn jìgìjìgì, ibẹ̀ ni ọkàn dókítà yóò lọ.

Àwọn àìsàn mìíràn fara jọ ọ́. Ọmọdé tí ibà ńlá mú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó jókòó tí ó na ọrùn síwájú, tí èémí rẹ̀ sì ń dún bí ó ti ń fà á wọlé, ó lè jẹ́ pé ìdérí ọ̀nà èémí rẹ̀ ló wú. Ẹ má fi ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀, ẹ má sì fi ipá dá a dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó bó ti fẹ́, kí ẹ sì máa lọ. Ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń là, ọ̀fun rẹ̀ sì lè má pupa púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀jì Wáṣíńtọ́ọ̀nù, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn pé kò rọrùn láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún ní ọjọ́ 13 Oṣù Kejìlá 1799, nígbà tí yóò fi di alẹ́ ọjọ́ kejì ó ti kú, lẹ́yìn tí wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Oówo ẹ̀yìn tọ́ńsílì ni àwọn kan fura sí. Ọ̀pọ̀ dókítà òde òní gbà pé ìdérí ọ̀nà èémí ni.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú ń dí ẹnu pa, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀, gbogbo ara sì ń le. Nílẹ̀ wa, kí a má gbàgbé àrùn dìfitéríà tí ó tún bẹ́ sílẹ̀ lákọ̀tun ní Nàìjíríà ní òpin ọdún 2022. Awọ rírí bí eérú tí ó lẹ̀ mọ́ tọ́ńsílì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí a bá fẹ́ ká a kúrò, ni àmì tirẹ̀. Ehín tí ó kẹ̀ nísàlẹ̀ náà lè mú kí abẹ́ ahọ́n wú kí itọ́ sì máa dà. Kò sí èyí tí ó yẹ kí a fi pamọ́ sílé nínú gbogbo wọn.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ. Nígbà tí àwọn ará ilé bá rí bẹ́lúbẹ́lú tí ó wú tí ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan á ní òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, wọn á sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ń gé e. Bẹ́lúbẹ́lú kò ṣẹ̀. Oówo ẹ̀yìn tọ́ńsílì ló tì í. Bí a bá gé e, ọyún ṣì wà níbi tí ó wà, a sì ti fi ẹ̀jẹ̀ dídà, ọgbẹ́ tuntun àti ewu tẹ́tánọ́ọ̀sì kún un.

Ẹni tí ó bá ti ní i lẹ́ẹ̀kan lè tún ní i. Ó ń padà wá lára bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Fún ọ̀pọ̀, ìgbà kan náà ni, kò sì sí ìdí fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún padà, tàbí bí tọ́ńsílì bá ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu lọ́dọọdún ṣáájú rẹ̀, dókítà lè dámọ̀ràn pé kí wọ́n gé tọ́ńsílì náà kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dúró tó bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wíwú náà lọ tán kí wọ́n tó ṣe é, àwọn mìíràn sì máa ń ṣe é lójú ẹsẹ̀ nígbà tí oówo ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn béèrè èwo ni dókítà rẹ̀ fara mọ́, àti ìdí rẹ̀.